Wọ́n Fi Ìjọ Sílẹ̀, Wọn Kò Fi Orí Wọn Sílẹ̀

Irú àlejò kan ń pọ̀ sí i ní ojúbọ mi láti bí ọdún mélòó kan. Wọn kì í wá torí àìsàn. Wọ́n á ní, "Bàbá, mi ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, mi ò sì fẹ́ wọ ẹgbẹ́ kankan, ṣùgbọ́n mi ò lè jí kí n má gbàdúrà." Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ìwádìí tí ilé iṣẹ́ Pew gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2023 fi hàn pé 22 nínú 100 àgbàlagbà ibẹ̀ ló ka ara wọn sí ẹni tó gba ohun ẹ̀mí gbọ́ àmọ́ tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti obìnrin kan tó ń ta aṣọ n'Ìbàdàn. Ọdún 14 ló fi wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ rẹ̀. Kì í ṣe owó ló lé e jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń ka orúkọ ẹni tó jẹ gbèsè owó ilé ìjọsìn sétí gbogbo ènìyàn. Ìran ni. Nígbà tí ọjà rẹ̀ wó, aríran kan ní ìyá rẹ̀ ló dè é mọ́lẹ̀. Ó gbà á gbọ́. Ọdún 2 gbáko ni kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilé ìyá rẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́. Lọ́jọ́ kan ló wá gbọ́ tí aríran kan náà sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún obìnrin tó jókòó tì í. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn jókòó sílé lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e.

Bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe ń lọ nìyẹn, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Wọn kò bá Olódùmarè ṣe aáwọ̀; ẹni tó dúró sáàárín ni ọkàn wọn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Kí n má sì tan yín jẹ, ojúbọ tiwa náà ń lé ènìyàn. Babaláwo tó sọ ẹbọ ẹyẹlé di ẹbọ màlúù ti lé oníbàárà rẹ̀ lọ nìyẹn.

Obìnrin yìí wá ní ohun kan tó ń ṣe. Láàárọ̀, kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, á bu omi tútù sínú igbá, á ti ìka bọ̀ ọ́, á fi kan iwájú orí, á pe orúkọ ara rẹ̀, á sì sọ ohun tó fẹ́ lọ ṣe lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà á ka Sáàmù. Ìyá ìyá rẹ̀ ló rí tó ń ṣe ti omi yẹn. Ó ń bẹ̀rù pé n ó bá òun wí pé òun pa méjì pọ̀. N kò bá a wí. Láyé àtijọ́, inú yàrá olórí gan-an ni ìbọ̀rí máa ń wà, nínú ilé orí tí wọ́n fi owó ẹyọ bò. Nínú Ògúndá Méjì, Ifá bi àwọn òrìṣà léèrè ta ni í bá ẹni tó ń sìn ín rin ìrìn àjò jíjìn láì padà lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo wọn ló padà. Orí nìkan ló dúró.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni obì. Ó ra obì àbàtà olójú mẹ́rin, ó là á, ó dà á sílẹ̀ láti mọ̀ bóyá kóun yá owó àjẹṣẹ́kù fi kún ọjà. Gbogbo ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dojú bolẹ̀. Ó tún dà á. Bákan náà. Ó da ìkẹta, méjì ṣí, méjì dé, èyí tí à ń pè ní obì yàn. Ó yọ̀, ó yá owó náà. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, gbèsè ti kọjá ọjà.

Mo ní, "Ọmọ mi, ìwọ lo yàn, obì kọ́." Bí obì bá kọ̀, a kì í tún bi í ní ìbéèrè kan náà. Ohun tó fà á la ó béèrè: ṣé ẹbọ ló kù ni, àbí ẹnìkan wà tí a ṣẹ̀? Ẹni tó bá dá nìkan wà kì í fẹ́ béèrè ìyẹn. Èmi tí mo wà nídìí rẹ̀ pàápàá, bí ọ̀rọ̀ bá kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, ọ̀dọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ni mo ń gbé e lọ. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Mo wá bi í, "Ìyá rẹ ńkọ́?" Ó dákẹ́. Ó ti fi aríran sílẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ aríran ṣì wà nínú rẹ̀. Àràárọ̀ ló ń fi omi kan orí ara rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè bi í léèrè ìyá tó gbé orí náà wáyé.

Ó lọ sí Ọ̀yọ́. Ìyá kò bi í léèrè ohun tó dá a dúró. Ó bu omi, ó fi kan orí ọmọ rẹ̀, ó ní kó wọlé wá jẹun. Obìnrin náà kò padà sí ìjọ, kò sì wá sí ọ̀sẹ̀ Ifá wa. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ńlá bá délẹ̀, á gbé obì rẹ̀ wá, á ní kí n bá òun dà á.