Ibi Tí Ìṣirò Ti Wọ́ Ni Kí Táìmù-Tébù Ti Bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọmọ tó fẹ́ ṣe JAMB ló jẹ́ pé rúlà àti báírò pupa ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wá. Wọ́n á pín ọ̀sẹ̀ tó kù fún àwọn ẹ̀ka inú sílábọ́ọ̀sì: nọ́ńbà ní ọ̀sẹ̀ kìíní, áljẹ́bùrà ní ìkejì, jọ́mẹ́tìrì ní ìkẹta, títí dórí kálíkúlọ́ọ̀sì àti sìtàtísítíìsì. Àtẹ náà á dùn ún wò lára ògiri. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tó tò ó kò tíì mọ ohun tó ń ṣe é. Ọjọ́ mẹ́fà lè lọ lórí ohun tó ti mọ̀ dunjú, kí ọjọ́ kan ṣoṣo wá bọ́ sórí ohun tó máa mú un fìdí rẹmi.

Ìdánwò ló yẹ kó ṣáájú táìmù-tébù. Wákàtí méjì ni JAMB ń fún ọmọ láti dáhùn ìbéèrè 180: 60 nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan iṣẹ́ mẹ́ta yòókù. Bí a bá pín in dọ́gba, ìṣẹ́jú àáyá 40 péré ló bọ́ sí ìbéèrè kan, ìyẹn kò sì tó ìṣirò. Ṣùgbọ́n ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì wà tí èèyàn á kà tán tí yóò ti mọ ìdáhùn, ibẹ̀ la ti máa rí àkókò yá. Fún ọmọ tó ń ṣe físíìsì àti kẹ́mísírì mọ́ ọn, èmi á fún Gẹ̀ẹ́sì ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kẹ́mísírì ní 22, físíìsì ní 28, kí 40 tó kù jẹ́ ti ìṣirò. Nítorí náà, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an, kó jókòó ti ìbéèrè 40 ọdún kan tó ti kọjá, kó sì fi ìṣẹ́jú 40 ṣe é. Kò gbọdọ̀ lo kalukulétọ̀ ńlá tó ń lò nílé ìwé, torí wọn kì í jẹ́ kí ọmọ mú un wọlé. Kékeré tó wà lójú kọ̀ǹpútà nìkan ni yóò bá níbẹ̀.

Ká sọ pé ọmọbìnrin kan, tí a ó máa pè ní Bọ́lá, gba 17. Ojú àwọn òbí á kọ́kọ́ lọ sí 17 yẹn, èmi ò rí iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Àwọn 23 tó kù ni kó gbé wá, kó tún wọn ṣe láìwo aago, láìṣí ìwé. Bóyá ó rí mẹ́jọ gbà báyìí: ó mọ̀ wọ́n, àkókò ni kò tó. Mẹ́fà mìíràn, ó rí i pé òun ti ṣi nọ́ńbà kan kọ, tàbí òun gbàgbé àmì ìyọkúrò. Mẹ́sàn-án kò ṣeé ṣe rárá. Àìsàn mẹ́ta nìyẹn, oògùn wọn kò sì jọra. Kò sí ìwé tó fẹ́ kà nítorí mẹ́jọ àkọ́kọ́, eré ọwọ́ ni wọ́n ń fẹ́. Mẹ́fà yẹn ń fẹ́ kó máa kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan dípò kó máa ṣe é lórí. Mẹ́sàn-án tó gbẹ̀yìn ló ń béèrè ìwé kíkà, bẹ́ẹ̀ sì ni ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Ẹ wo ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n fún un ní y = x³ − 6x² + 9x + 1, wọ́n ní kó wá iye x níbi tí ìlà náà ti yí padà. Bọ́lá mọ̀ pé kálíkúlọ́ọ̀sì ni. Ó sọ agbára kalẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó sì rí 3x² − 12x + 9. Ó fi í dọ́gba pẹ̀lú òdo, ó fi 3 pín gbogbo rẹ̀, ó kù x² − 4x + 3 = 0. Ibẹ̀ ló dúró sí. Ó yẹ kó wá nọ́ńbà méjì tí ìlọ́po wọn jẹ́ 3, tí àròpọ̀ wọn sì jẹ́ −4. Ìyẹn ni −1 àti −3, tí yóò fún un ní (x − 1)(x − 3) = 0, kí x sì jẹ́ 1 tàbí 3. Bó bá kọ ọ́ sínú ìwé pé “kálíkúlọ́ọ̀sì ò yé mi”, yóò lo odindi ọ̀sẹ̀ lórí kálíkúlọ́ọ̀sì tó ṣe láìṣì. Áljẹ́bùrà ló dá a dúró.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kó ní ìwé kékeré kan tí yóò máa kọ ìlà tí iṣẹ́ ti wọ́ sí, kì í ṣe orúkọ ẹ̀ka tí ìbéèrè ti wá. Ká ní Bọ́lá ṣe bẹ́ẹ̀ fún mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án. Ó lè bá a pé àìlè fọ́ nǹkan sínú bírákẹ́ẹ̀tì, tàbí àìlè yí fọ́múlà padà, ló wà nídìí márùn-ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan wá láti jọ́mẹ́tìrì, òmíràn láti fárìéṣọ̀n. Mẹ́ta jẹ́ ohun tí olùkọ́ rẹ̀ kò dé: mátíríìsì, pọrọbabílítì àti ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́ẹ́ alámì ju-lọ-kéré-jù. Ọ̀kan tó kù jẹ́ ti béèsì.

Táìmù-tébù ti ń to ara rẹ̀ nìyẹn. Bó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, tó sì ní wákàtí kan àti ààbọ̀ lójúmọ́ fún ìṣirò, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ á lọ sí bírákẹ́ẹ̀tì àti fọ́múlà yíyí, nítorí òun ló ń dá iṣẹ́ púpọ̀ dúró. Ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin á lọ sí mẹ́ta tí wọn kò kọ́ ọ. Béèsì, lọ́ọ̀gì àti sọ́ọ̀dì lè gba ìkarùn-ún. Ní ìkẹfà, jọ́mẹ́tìrì àti tirigonọ́mẹ́tìrì, kó sì há iye sin, cos àti tan ti 30°, 45° àti 60° sórí, torí kalukulétọ̀ ojú kọ̀ǹpútà kò ní ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀. Kò sí nǹkan tuntun ní ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn: ìdánwò wákàtí méjì, iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Lójúmọ́, kó tó ṣí ojú ewé tuntun, ogún ìṣẹ́jú ni kó fi tún àwọn tó kùnà níjẹta àti lọ́sẹ̀ tó kọjá ṣe. Lẹ́yìn náà, àádọ́ta ìṣẹ́jú fún ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn, ìbéèrè mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó sì fi mẹ́wàá tó kù yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìbéèrè àtẹ̀yìnwá ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Bí ọmọ bá ṣe ti ọdún kan lẹ́ẹ̀mẹta, ó lè máa rántí pé C ni ìdáhùn, kó rò pé òun ti gbọ́n. Ká yí nọ́ńbà inú rẹ̀ padà, òótọ́ á hàn. (Àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà káàkiri náà a máa ṣi ìdáhùn kọ nígbà mìíràn, kí ọmọ má bàa fi ọjọ́ kan ṣòfò níbi tí òun ló tọ̀nà.)

Nínú gbọ̀ngàn, aago kan náà ló ń kà fún iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí náà kó má fi ìṣirò gbẹ̀yìn. Ìbéèrè tó bá kà lẹ́ẹ̀mejì tí kò rí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀, kó tẹ N kó kọjá lọ, yóò padà wá. Ìdáhùn mẹ́rin tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ náà wúlò. Bí wọ́n bá ní 34 ní béèsì x dọ́gba pẹ̀lú 22 ní béèsì mẹ́wàá, tí wọ́n sì fún un ní 5, 6, 7 àti 8, kó fi 6 sí i: 3 × 6 + 4 jẹ́ 22, ó parí. JAMB kì í yọ máàkì nítorí ìdáhùn tó kùnà, ìbéèrè tí a kò fọwọ́ kàn ló dájú pé kò ní mú ohunkóhun wá. Bó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, kó padà sí gbogbo nọ́ńbà tó ṣófo, kó kọ́kọ́ yọ ìdáhùn tí kò lè jẹ́ òótọ́ kúrò, kó sì mú ọ̀kan nínú èyí tó kù. Ìgbà yẹn ló tó lè tẹ S.