Mẹlatónììnì: agogo ni, kì í ṣe oògùn oorun

Ọ̀rọ̀ mẹlatónììnì la bá dé lónìí.

Ara wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ọpọlọ á tú u sínú ẹ̀jẹ̀ láti sọ fún ara pé alẹ́ ti lẹ́. Kì í fipá gbé èèyàn sùn. Agogo tó ń kéde àsìkò ni. Bí agogo bá dún, tí iná fóònù ṣì ń tàn sí wa lójú, oorun ò ní tètè dé.

Ẹ wo ẹni tó wọ bàálù láti Húsítìnì lọ sí Èkó nínú oṣù Kejìlá. Nígbà tí aago 10 alẹ́ bá lù l'Ékòó, aago 3 ọ̀sán ni ara rẹ̀ ṣì ń kà. Irú ẹni yìí ni mẹlatónììnì ń ràn lọ́wọ́ jù. Kó lo mílígíráàmù 0.5 sí 3 nígbà tó bá fẹ́ lọ sùn l'Ékòó, fún alẹ́ mélòó kan. Bó bá lò ó láàárọ̀, ara á tún dàrú sí i. Oníhóró mílígíráàmù 10 tí wọ́n ń tà l'Amẹ́ríkà kì í mú oorun dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ di àárọ̀, kí orí máa wúwo.

Àmọ́ bó bá jẹ́ ìrònú tàbí ìrora ni kò jẹ́ kéèyàn sùn, agogo ò lè yanjú ìyẹn. Ẹni tó lóyún, tàbí tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó kọ́kọ́ bi dókítà.