Àpòòwé Owó Inú Fóònù

Ọ̀pọ̀ ìdílé ló máa ń pín owó oṣù sínú àpòòwé: ti oúnjẹ lọ́tọ̀, ti ilé ìwé lọ́tọ̀. Bí ti oúnjẹ bá ti ń fúyẹ́, ọwọ́ á mọ̀. Àmọ́ nínú fóònù, iye kan ṣoṣo lèèyàn máa ń rí, owó ilé ìwé sì lè bá ẹran lọ.

Torí náà, ẹ ní àkáǹtì méjì. Kí owó oṣù máa wọ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ má sì gba káàdì sí i. Èkejì nìkan ni kẹ́ ẹ máa fi ra nǹkan lọ́jà.

Ká sọ pé ₦60,000 ni owó oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ á pín in sí mẹ́rin, ₦15,000 lọ́sẹ̀. Àmọ́ tí oṣù bá ní ọjọ́ 31, ọjọ́ mẹ́ta ṣì kù tí kò sówó fún, ìgbà yẹn gan-an lèèyàn sì máa ń tọwọ́ bọ owó ilé ìwé. Ẹ kúkú máa fi ₦13,500 ránṣẹ́ lọ́sẹ̀. ₦6,000 tó ṣẹ́ kù á gbé yín dé ìparí oṣù.

Á dáa kí àkáǹtì méjèèjì wà ní báńkì kan náà. Bówó bá ń lọ sí báńkì míì, wọ́n lè yọ owó iṣẹ́ wọn, ₦50 tìjọba sì tún wà lórí owó tó bá ti tó ₦10,000.

Bí àkáǹtì kejì bá ń gbẹ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, tó sì ṣẹlẹ̀ léraléra, ó lè jẹ́ pé iye tẹ́ ẹ dá ló kéré. Ẹ bu kún un látinú owó aṣọ, ẹ má fọwọ́ kan owó ilé.