Òpó tó ga jù lè máà ni òpó tó pọ̀ jù

Ẹ wo iṣẹ́ àṣetiléwá kan tí wọ́n fi fóònù yà. Ìbéèrè náà dá lórí iye ìṣẹ́jú tí 90 akẹ́kọ̀ọ́ fi ń rìn dé iléèwé. Àwọn 10 kò lò tó ìṣẹ́jú 5. Àwọn 15 lo ìṣẹ́jú 5 sí 10, àwọn 24 lo 10 sí 20, àwọn 26 lo 20 sí 40, àwọn 15 tó kù sì lo 40 sí 70. Akẹ́kọ̀ọ́ náà fi iye ènìyàn ṣe gíga òpó kọ̀ọ̀kan, òpó 20 sí 40 sì yọrí ju gbogbo ìyókù lọ.

Àṣìṣe ibẹ̀ nìyẹn. Nínú hísítógíráàmù, àyè tí òpó gbà lórí ìwé ló ń sọ iye ènìyàn. Òpó 20 sí 40 fẹ̀ tó 20, ó ga tó 26, àyè rẹ̀ jẹ́ 520. Òpó 5 sí 10 fẹ̀ tó 5, ó ga tó 15, àyè tirẹ̀ jẹ́ 75. Lójú ẹni tó ń wò ó, ọ̀kan fi nǹkan bí ìlọ́po méje ju èkejì lọ, bẹ́ẹ̀ 26 kò tó ìlọ́po méjì 15. Bí a bá da kóńgò gààrí kan sínú abọ́ tóóró, tí a sì da irú rẹ̀ sórí àtẹ fífẹ̀, ti orí àtẹ kò ní ga tó ti inú abọ́.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a fi fífẹ̀ ìsọ̀rí pín iye ènìyàn inú rẹ̀. Ohun tó bá jáde ni wọ́n ń pè ní fíríkúẹ́ńsì dẹ́ńsítì, ìyẹn iye akẹ́kọ̀ọ́ tó bọ́ sórí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Láti òsì sí ọ̀tún, gíga àwọn òpó wá di 2, 3, 2.4, 1.3 àti 0.5. Òpó 5 sí 10 ló ga jù báyìí, èyí tó jẹ́ ọba lẹ́ẹ̀kan ti wálẹ̀ gan-an. Ó yẹ kí orúkọ ìlà òòró náà yí padà, torí kì í ṣe iye akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kà mọ́.

Ẹ má fi rúlà wọn òpó lórí fọ́tò, torí fóònù tó dagun á yí ìwọ̀n padà. Àwọn àpótí kéékèèké inú ìwé gíráàfù ni kí ẹ kà. Ẹ kọ́kọ́ wo ìlà ìsàlẹ̀: bí àwọn ìsọ̀rí kò bá fẹ̀ bákan náà, tí iye ènìyàn sì wà lórí ìlà òòró, ẹ ti rí àṣìṣe náà. Ẹ ṣọ́ra fún ìsọ̀rí tí wọ́n kọ báyìí: 11–20, fún ohun tí a kà ní odidi. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 10, kì í ṣe 9, torí láti 10.5 dé 20.5 ló gbà.

Láti yẹ iṣẹ́ náà wò, ẹ fi fífẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan sọ gíga rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó gbọ́dọ̀ padà di 90. Bí wọ́n bá tún béèrè iye àwọn tó lo ìṣẹ́jú 20 sí 30, ìdáhùn ni 1.3 × 10, ìyẹn 13. Àfojúbù ni, nítorí a gbà pé àwọn 26 náà tò káàkiri inú ìsọ̀rí wọn lọ́gbọọgba, ohun tí àtẹ iye náà kò sì sọ fún wa nìyẹn.