Ìpè Gbájú-ẹ̀, Alẹ́ẹ̀tì Èké, àti Ohun Tí Ẹni Tí Ó Ti Sọ Kóòdù Rẹ̀ Síta Lè Ṣe

Kóòdù tí báńkì máa ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù oníbàárà, èyí tí a ń rí gẹ́gẹ́ bí OTP lójú fóònù, jẹ́ nọ́ńbà díẹ̀, mẹ́fà lọ́pọ̀ ìgbà, tí a lè lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí agbára rẹ̀ sì máa ń tán láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Iṣẹ́ àtàǹpàkò tí a tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé ni ó ń ṣe: ẹni tí ó bá lò ó ti fọwọ́ sí i pé kí ohun kan ṣẹlẹ̀ sí owó tàbí àkáǹtì tí kóòdù náà wà fún. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí ni pé kóòdù kì í dédé wọlé. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan níbì kan kí báńkì tó fi í ránṣẹ́, nítorí náà, bí kóòdù bá wọlé láìjẹ́ pé oníàkáǹtì ni ó béèrè fún un, a jẹ́ pé ẹlòmíràn ti ní apá kan nínú àwọn nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́.

Bí ìpè náà ṣe máa ń rí

Oníjìbìtì tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í pe ènìyàn láìmúra sílẹ̀. Ó lè mọ orúkọ oníbàárà àti báńkì tí ó ń lò, ó sì lè ka nọ́ńbà káàdì rẹ̀ tàbí BVN rẹ̀ sí i létí, ìyẹn nọ́ńbà mọ́kànlá tí ó so gbogbo àkáǹtì ẹnì kan pọ̀ láti ọdún 2014. Pé ó mọ ìwọ̀nyí kò fi hàn pé òṣìṣẹ́ báńkì ni, nítorí pé ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù àti áàpù ẹ̀yáwó ni ènìyàn ti kọ wọ́n sí kí ìpè náà tó dé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, òpin ọ̀sẹ̀ àti ọjọ́ ọlidé sì wù ú láti pè, nígbà tí oníbàárà kò lè sáré dé ẹ̀ka báńkì.

A lè fi ìyá aláṣọ kan ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Ní aago méje ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, ọkùnrin kan pè é, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà,” ó sì sọ fún un pé ẹnì kan ń gbìyànjú láti fi káàdì rẹ̀ ra ọjà ₦85,000 ní Àbújá, àti pé nọ́ńbà kan máa wọlé sórí fóònù rẹ̀ tí àwọn yóò fi dá ọjà náà dúró. Ọ̀rọ̀ kò tíì tán lẹ́nu ọkùnrin náà tí àtẹ̀jíṣẹ́ yìí fi dé:

```
Your OTP is 482913. Use it to register
your new device. Do not share it.
```

Gbogbo òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ `register your new device`, èyí tí ó túmọ̀ sí pé wọ́n fẹ́ forúkọ fóònù tuntun sílẹ̀. Kò sí ọjà kankan ní Àbújá. Áàpù báńkì ni ọkùnrin náà gbé sórí fóònù tirẹ̀, tí ó sì fi nọ́ńbà àkáǹtì ìyá náà sí i, tí ó kù kí kóòdù sọ fóònù náà di ti ìyá aláṣọ lójú báńkì. Bí ìyá náà bá fi ìpè náà sílẹ̀ díẹ̀ kí ó ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà tán, tàbí kí ó fún ọmọ kan ní ilé kà, irọ́ náà ti tú. Ìdí nìyí tí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kì í fi jẹ́ kí ènìyàn mí: á máa sọ̀rọ̀ lọ, á sì máa kìlọ̀ pé àkókò ń lọ. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ kan kò bá tilẹ̀ sọ ohun tí kóòdù rẹ̀ wà fún, báńkì kì í pe oníbàárà kí ó wá béèrè kóòdù lọ́wọ́ rẹ̀.

Alẹ́ẹ̀tì tí kò ní owó nínú

Orúkọ báńkì tí ó hàn lókè àtẹ̀jíṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí pé a lè fi orúkọ tí ó bá wu ni ránṣẹ́, fóònù yóò sì to ayédèrú náà sísàlẹ̀ àwọn ojúlówó tí ó ti wọlé tẹ́lẹ̀ bí ẹni pé ibì kan náà ni gbogbo wọn ti wá. Àwọn mìíràn ń fi alẹ́ẹ̀tì èké ra ọjà, àwọn mìíràn sì ń pe ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀ pé owó ṣèèṣì wọ àkáǹtì rẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ dá a padà. Ìyókù owó tí a kọ sínú alẹ́ẹ̀tì lè tú àṣírí rẹ̀ bí kò bá bá ìṣirò mu, ṣùgbọ́n èyí tí ó dájú ni kí oníbàárà fúnra rẹ̀ wo àkáǹtì nínú áàpù báńkì rẹ̀ tàbí kí ó tẹ kóòdù báńkì náà sórí fóònù. Bí owó àṣìṣe bá wọlé lóòótọ́, báńkì ni kí a sọ fún kí ó dá a padà. A kì í fi owó bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí àkáǹtì tí ẹni tí ó pè bá kà sílẹ̀.

Nígbà tí kóòdù ti jáde lẹ́nu

Ẹni tí ó bá ti sọ kóòdù rẹ̀ síta kò gbọ́dọ̀ dúró bá oníjìbìtì jiyàn. Kí ó pa ìpè náà, bí wọ́n bá sì ń pè é léraléra kí ó má bàa rí fóònù lò, kí ó yá ti ẹlòmíràn. Nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn káàdì ni kí ó pè, kì í ṣe èyí tí ó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́, kí ó sì béèrè fún àwọn tí ń rí sí ọ̀rọ̀ jìbìtì. Ohun tí yóò sọ fún wọn dá lórí ilẹ̀kùn tí kóòdù náà ṣí. Bí ó bá jẹ́ ti ìyá aláṣọ, kí a dí káàdì nìkan kò dí ohunkóhun, nítorí pé fóònù àjèjì ni ó ti wọlé. Kí ó ní kí wọ́n yọ gbogbo fóònù tí ó so mọ́ àkáǹtì náà kúrò, kí wọ́n sì ti àkáǹtì náà kí owó má lè jáde títí yóò fi dé ẹ̀ka. Bí kóòdù náà bá jẹ́ ti ọjà tí a fi káàdì rà, káàdì ni kí wọ́n dí, kí a sì gba tuntun. Bí ó bá jẹ́ ti ìyípadà ọ̀rọ̀ aṣínà, kí wọ́n ti áàpù pa kí a tó ṣe òmíràn, àti PIN pẹ̀lú rẹ̀.

Bí owó bá ti jáde, ìṣẹ́jú ni a ń kà, nítorí pé wọ́n sábà máa ń pín in sí àkáǹtì mìíràn tàbí kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ oníPOS. Kí oníbàárà sọ iye owó, àkókò tí ó jáde àti àkáǹtì tí ó lọ, kí ó sì ní kí báńkì òun kàn sí báńkì tí ó gba owó náà kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀. Session ID, nọ́ńbà ọgbọ̀n tí ó máa ń wà lórí rìsíìtì owó tí a fi ránṣẹ́, ni báńkì fi ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Kí ó gba nọ́ńbà ẹ̀sùn, kí ó má pa àtẹ̀jíṣẹ́ kankan rẹ́, kí ó sì kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ẹ̀ka báńkì rẹ̀ àti fún àgọ́ ọlọ́pàá. Bí báńkì kò bá yanjú rẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, a lè gbé ẹ̀sùn náà lọ sí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ní `cpd@cbn.gov.ng`. Kò dájú pé owó náà yóò padà, nítorí pé báńkì lè sọ pé oníàkáǹtì ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ kóòdù. Owó tí a bá dè mọ́lẹ̀ kí ó tó jáde ni ìrètí wà fún jù.

Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i, ẹlòmíràn lè tún pè, kí ó pe ara rẹ̀ ní ọlọ́pàá tàbí agbẹjọ́rò tí ó ti rí owó náà gbà padà, kí ó sì béèrè owó díẹ̀ tàbí kóòdù mìíràn kí ó tó lè dá a padà. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn tí ó gba owó àkọ́kọ́ náà ni wọ́n tún padà wá.