Ìbéèrè Àṣìṣe Níwájú Àwọn Agbanisíṣẹ́

Ẹni tó ń wá iṣẹ́ ṣíṣọ́ ààbò kọ̀ǹpútà ní báńkì sábà máa ń ka ìwé dáadáa kó tó lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ibi tó ti ń kọsẹ̀ ni ìbéèrè yìí: "Àṣìṣe wo lẹ ti ṣe rí lẹ́nu iṣẹ́?" Ẹlòmíì á ní òun ò ṣe àṣìṣe rí. Ẹlòmíì á ní àléébù òun ni pé òun fẹ́ràn iṣẹ́ jù. Àwọn agbanisíṣẹ́ ti gbọ́ ìyẹn sú. Ẹni tó máa bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń sá fún, nítorí olè lè ti wọ inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Ká ní olùwáṣẹ́ kan dáhùn báyìí: "Lóru ọjọ́ kan, ìkìlọ̀ wọlé pé ẹnì kan ń gbìyànjú àtiwọ sáfà wa, páswọ́ọ̀dù rẹ̀ ò sì bá a mu. Orúkọ yẹn ti máa ń fa irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí ètò kan ṣì ń lo páswọ́ọ̀dù àtijọ́. Mo rò pé òun náà ni, mo bá pa ìkìlọ̀ náà dé. Mi ò wo ibi tó ti wá. Ẹni tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi láàárọ̀ ló rí i pé àdírẹ́sì ìta ni, ó sì ti ráyè wọlé. Mo sọ fún ọ̀gá wa lójú ẹsẹ̀ pé èmi ni mo pa á dé. A yọ sáfà náà kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, a sì ti orúkọ yẹn pa. Ní báyìí, ó ti wà nínú ìlànà wa pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa irú ìkìlọ̀ yẹn dé láì wo àdírẹ́sì àti bóyá ẹni náà wọlé."

Ìdáhùn yìí dúró, torí ó sọ ohun tó tan òun jẹ, kò sì di ẹ̀bi ru ẹlòmíì. Ìlànà tuntun yẹn ló dára jù níbẹ̀. "Mo ti kọ́gbọ́n" lásán ò tó.

Ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè iṣẹ́ máa ń gbà yọ. Nínú àkọsílẹ̀ Windows, 4625 ni ìgbìyànjú tó kùnà, 4624 sì ni èyí tó wọlé. Wọ́n lè ní: "Ẹ rí 4625 rẹpẹtẹ láti àdírẹ́sì kan, 4624 wá tẹ̀ lé e. Kí lẹ máa ṣe?" Ẹ wo `Logon Type` rẹ̀: 10 ń sọ pé ẹni náà ti ọ̀nà jíjìn wọ ojú kọ̀ǹpútà náà nípasẹ̀ RDP. Ṣùgbọ́n ìgbìyànjú RDP tó kùnà sábà máa ń hàn bíi 3, ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rántí nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ohun tó ṣe nígbà tó wọlé. 4720 túmọ̀ sí pé ó dá orúkọ tuntun sílẹ̀, ó fẹ́ padà wá nìyẹn. Bí wọ́n bá bi yín ní nọ́ńbà tẹ́ ẹ ò mọ̀, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n, kẹ́ ẹ sì sọ ibi tẹ́ ẹ máa wò.

Ẹ kọ àṣìṣe tiyín sílẹ̀ kọ́jọ́ tó pé, kẹ́ ẹ sì yọ orúkọ oníbàárà àti ilé iṣẹ́ àtijọ́ kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tó bá tú àṣírí ibi tó ti ń bọ̀, wọn ò ní fi àṣírí tiwọn sí i lọ́wọ́.