Làbán ti Káírò, Làbán ti Dàmásíkù

Fọ́tò káàdì ìdáná kan wọlé sórí fóònù mi lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Obìnrin Yorùbá kan tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ló fi í ránṣẹ́. Ará Íjíbítì ni aládùúgbò rẹ̀, màmá aládùúgbò náà sì wà ní Káírò. Kéèkì tí màmá jẹ nígbà tí wọ́n wá kí ọmọ wọn ni wọ́n fẹ́ dán wò nílé. Gẹ̀ẹ́sì àfọwọ́kọ ló wà lára káàdì náà. Kí n bá wọn yí i sí Lárúbáwá.

Mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n ya ẹ̀yìn rẹ̀ wá. Káàdì ò fẹ̀, ibi tí iwájú bá ti kún, ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ ìyókù sí. Lóòótọ́, ẹ̀yìn ni bí iná ṣe máa mọ àti bí páànù ṣe tóbi tó wà.

Níwájú, lẹ́tà kan dá mi dúró. T ńlá ni wọ́n máa ń kọ fún ṣíbí ìjẹun, t kékeré fún ṣíbí tíì, ṣíbí tíì mẹ́ta ló sì wà nínú ṣíbí ìjẹun kan. Òróró ti ta sórí èyí tó wà níwájú sódà. Mo fi wé T tí ọwọ́ kan náà kọ síwájú fanílà, wọn ò jọra. Mo tún wo ìyẹ̀fun, kọ́ọ̀bù méjì péré ni. Ṣíbí ìjẹun sódà kan nínú ìyẹ̀fun tí kò ju yẹn lọ á mú kéèkì ta lẹ́nu bí ọṣẹ. Kékeré ni t náà.

Káàdì ní kí wọ́n “cream” bọ́tà àti ṣúgà. Ẹni tó bá ń túmọ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan á ní kí màmá da kirímù sí i, bẹ́ẹ̀ kirímù kankan ò sí níbẹ̀. Kí wọ́n lu méjèèjì pọ̀ títí á fi fúyẹ́ ni. Mo kọ “íkífíkí”, ìyẹn “ìwọ obìnrin, lù ú”. Ó kọ́kọ́ ń ṣe mí bí àrífín, àmọ́ bí ìwé ìdáná Lárúbáwá ṣe máa ń bá obìnrin sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ibi tó lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni “buttermilk”, wàrà kíkan. Tí ẹnìkan bá kàn kọ “làbán” sílẹ̀, ó ti parí. Ní Káírò, wàrà tútù lásán ni làbán. Sábádì ni wọ́n ń pe yọ́gọ́ọ̀tì. Ní Dàmásíkù, yọ́gọ́ọ̀tì gan-an ni làbán, wàrà tútù wá ń jẹ́ halíbù. Ọ̀rọ̀ kan náà, ìkòkò méjì. Kíkan wàrà yẹn kì í sì í ṣe tìtorí adùn nìkan: òun ló ń mú kí sódà hó, kí kéèkì sì wú. Tí màmá bá lo wàrà tútù, kéèkì á ki pọ́pọ́, sódà tí kò rí ohun tó máa bá jà á sì máa ta lẹ́nu. Mo kọ “làbán ráyìbù”, wàrà dídì tó kan, tí wọ́n mọ̀ dáadáa ní Íjíbítì. Ká ní Dàmásíkù ni, làbán tí wọ́n fi omi là ni mi ò bá kọ.

Ti òṣùwọ̀n rọrùn díẹ̀. Kọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà kan gba nǹkan bíi mílílítà 240, ṣùgbọ́n ife tó wà nílé màmá lè jẹ́ ife tíì. Nítorí náà mo kọ gíráàmù: ìyẹ̀fun 250, ṣúgà 300. “Stick” bọ́tà kan, tó jẹ́ ìdì kan lásán níbẹ̀, di 115. Ìyẹ̀fun lè fi ogún gíráàmù yàtọ̀ lórí kọ́ọ̀bù kan, bí wọ́n bá fi kọ́ọ̀bù gbọ́n ọn dípò kí wọ́n fi ṣíbí bù ú, káàdì ò sì sọ èyí tó jẹ́. Iná 350 ti Amẹ́ríkà di 180 ti Káírò.

Mi ò fi nọ́ńbà kọ ìdá kankan. Ọ̀tún ni Lárúbáwá ti ń bẹ̀rẹ̀, 1/2 sì lè yí padà lójú fóònù kó di 2/1. “Ìdajì” ni mo kọ, pẹ̀lú lẹ́tà. Odo wọn náà, tó tó kan ṣoṣo ni (٠), márùn-ún wọn ló rí roboto bí odo tiwa (٥). Ẹni tó bá ń kánjú lè ka ١٨٠ sí 18.

Ìgbà tí mo fi ránṣẹ́ ni màmá béèrè nípa páànù. Ínṣì 9 sí 13 ni káàdì wí, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 23 sí 33. Síníyà roboto tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 30 ni màmá ní. Mo ṣírò ààyè inú méjèèjì: 759 sí nǹkan bíi 707. Kéèkì á nípọn díẹ̀ sí i. Mo kọ sí i pé kí wọ́n ki igi ìtayín bọ àárín rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 35, bó bá jáde pẹ̀lú ìyẹ̀fun tútù, kí wọ́n fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un.